Ímeèlì “ẹ má bínú” fún ẹrù tó pẹ́: ohun tó yẹ ká gbà, àti ohun tí a kì í fọwọ́ ara wa kọ

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe yìí dára nílé, níwájú bàbá tó fẹ́ parí ìjà kí gbogbo ilé lè jẹun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ímeèlì kì í parí níwájú ẹni tí a kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń kà á lè jẹ́ lọ́yà oníbàárà, ó sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tìrẹ gan-an, tó ń wá ìdí tí kò fi ní sanwó fún ọ. Láti ọdún 2011 ni òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ní abala 84, ti là á sílẹ̀ bí ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe lè di ẹ̀rí nílé-ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tí o fi ojú àánú kọ ní aago mọ́kànlá òru lè dé iwájú adájọ́.

Ẹ̀rù èyí ló ń mú kí àwọn kan máa kọ ímeèlì tó gbẹ bí ẹ̀ka igi: “A ti gba ìfisùn yín, a ń ṣe ìwádìí.” Oníbàárà tó bá ka irú èyí yóò wá ọ̀nà láti gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ báǹkì kí o tó parí ìwádìí rẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé àlàfo gbòòrò wà láàrin méjèèjì. Ohun tí ìwé ti fi hàn tẹ́lẹ̀, gbà á tọkàntọkàn: ọjọ́ tí o dá, pé ọjọ́ náà ti kọjá, pé ẹrù kò dé, pé ìwọ ni yóò mú un dé. Kò sí ohun tí o fẹ́ fi pa mọ́ níbẹ̀. Ohun tí ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè pinnu ni kí o má fi ọwọ́ ara rẹ kọ: pé àìbìkítà ni, pé o yẹ àdéhùn, pé ìwọ lo fa àdánù báyìí-báyìí tí iye rẹ̀ jẹ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ilé ìtajà aṣọ-òkè kan wà ní Èkó. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìyá ìyàwó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra gèlè 40 àti fìlà 25, aṣọ tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn. Pọ́n-ùn 1,150 ni owó ọjà, pọ́n-ùn 140 ni owó ìfiránṣẹ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ 24, ni ilé ìtajà ní ẹrù yóò dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹwàá, ni ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó sì ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ nígbà tó ń rà á. Ẹrù kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 18. Ní ọjọ́ 22, kọ́sítọ́ọ̀mù Ìlú Ọba dá a dúró, torí pé “aṣọ” lásán ni wọ́n kọ sórí ínfọ́ìsì, láìsọ irú òwú, iye ẹyọ àti iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ́jẹ́ńtì béèrè àlàyé ní ọjọ́ 23. Ímeèlì náà wà nínú àpótí ilé ìtajà láìsí ẹni tó ṣí i, títí di àárọ̀ ọjọ́ 25. Ọjọ́ 25 yìí náà ni a fẹ́ kọ lẹ́tà sí oníbàárà.

Má tíì kọ ohunkóhun. Lo ìdajì wákàtí láti kó ìwé jọ sójú kan: ohun tí oníbàárà rà, ọ̀rọ̀ gan-an tí ẹ fi dá ọjọ́, ibi tí nọ́ńbà ìtọpa ti fi ẹrù hàn kẹ́yìn, àti gbogbo ohun tí ẹ ti bá a sọ, títí kan ti Wátísáàpù. Wo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi dá ọjọ́ dáadáa. “A rò pé yóò dé ní nǹkan bí ọjọ́ 24” yàtọ̀ pátápátá sí “yóò dé ní ọjọ́ 24.” Bí o bá kọ “ọjọ́ tí a ṣèlérí” nínú ímeèlì nígbà tó jẹ́ pé ìfojúsọ́nà ni ẹ sọ, o ti sọ ìfojúsọ́nà di ìlérí fúnra rẹ. Bí ó bá sì jẹ́ ìlérí ni lóòótọ́, bí ó ti rí nínú àpẹẹrẹ wa, má wá pè é ní ìfojúsọ́nà báyìí. Ìwé wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé Yorùbá fún wa ní irinṣẹ́ púpọ̀ níbí, tí a kì í sì í fiyè sí i. “Ẹ pẹ̀lẹ́” jẹ́ ìbákẹ́dùn. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta tí kò kàn wá rárá. Tó bá dá dúró nínú ímeèlì, oníbàárà yóò rí i pé o ń ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ. “Ẹ má bínú” ń gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ tí ó tọ́ sí ìbínú, àti pé èmi ni mo wà níwájú rẹ láti tù ọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. “Ẹ foríjì wá” tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. “A jẹ̀bi” ni ìdájọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ tí ọba tàbí adájọ́ máa ń sọ. Nínú ímeèlì ẹrù tó pẹ́, “ẹ má bínú” ni mo máa ń lò, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sì tẹ̀lé e tààrà: “Ẹ má bínú pé ẹrù yín kò dé ní ọjọ́ 24 tí a sọ.” Wo bí gbólóhùn náà ṣe rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wò nínú ìwé. Bí o bá sọ pé “ẹ má bínú tí ó bá dùn yín,” o ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. “Tí ó bá” yẹn ń sọ fún un pé o kò gbà pé ó dùn ún.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń yí padà tí a bá gbé e lọ sí èdè mìíràn, ó sì dájú pé ìwé Yorùbá tó bá dé kóòtù Lọ́ńdọ̀nù yóò rí atúmọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń yẹra fún àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè túmọ̀ ní ọ̀nà tó le jù. “Àṣìṣe wa ni” dà bí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù lójú wa, ṣùgbọ́n atúmọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bi gan-an dípò rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, òfin kan wà láti ọdún 2006, èyí tó dá lórí owó gbà-má-bínú, tó sọ ní abala kejì pé ẹ̀bẹ̀ tàbí ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn fi lọni kò túmọ̀ sí pé ó ti jẹ́wọ́ àìbìkítà tàbí rírú iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn kan ti ka èyí, wọ́n sì rò pé àwọn lè kọ ohun tó bá wù wọ́n. Kà á dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni kò tó láti jẹ́ ìjẹ́wọ́. Òfin náà kò dárúkọ yíyẹ àdéhùn ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò bo gbólóhùn “a jẹ̀bi” tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ó fàyè gbà ọ́ láti sọ “ẹ má bínú” láìbẹ̀rù, ó sì parí síbẹ̀.

Apá tó le jù ni ìdí tí ẹrù fi pẹ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣubú níbí. Àwọn kan á ti ẹ̀bi sórí kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ẹni tó gbé ẹrù. Oníbàárà kò bá kọ́sítọ́ọ̀mù ra gèlè, ìwọ ló san owó fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn yóò bí i nínú sí i. Èyí tó burú jù ni pé nínú àpẹẹrẹ wa, irọ́ ni. Ínfọ́ìsì ilé ìtajà ló fà á. Bí ìwé ẹ́jẹ́ńtì bá jáde lọ́jọ́ kan, irọ́ inú ímeèlì yóò pa ọ́ lára ju ìjẹ́wọ́ lọ. Àwọn kejì á ro gbogbo ẹjọ́: “Ọmọ tó ń ṣe ìwé wa kò mọṣẹ́, a sì jókòó lé ímeèlì ẹ́jẹ́ńtì fún ọjọ́ méjì.” Inú oníbàárà lè rọ̀ díẹ̀ sí òtítọ́ yìí, ṣùgbọ́n “kò mọṣẹ́” àti “jókòó lé” jẹ́ ìdájọ́ tí o ṣe fún ara rẹ.

Èyí tí mo máa ń ṣe ni pé kí n to ọjọ́ sílẹ̀, kí n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ àpèjúwe kúrò. “Kọ́sítọ́ọ̀mù dá ẹrù náà dúró ní ọjọ́ 22, wọ́n ń fẹ́ àlàyé kún èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì wa. Ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 23. A fi àlàyé tó kún ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní, ọjọ́ 25.” Oníbàárà tó lè kà lè ka ọjọ́ méjì náà fúnra rẹ̀. Kò sí irọ́, kò sí ohun tí a fi pa mọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan lè fà yọ láti sọ pé “wọ́n ti gbà pé àìbìkítà ni.” Bí ìdí kò bá tíì dájú, sọ ibi tí ẹrù wà nìkan, kí o sì sọ ọjọ́ tí o máa mú ìdí wá.

Lórí ìgbéyàwó náà, ẹjọ́ ọdún 1854 kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó sì yani lẹ́nu pé ẹjọ́ ẹrù tó pẹ́ ni. Ilé ọlọ kan ní ìlú Gloucester ní irin ẹ̀rọ tó ṣẹ́. Wọ́n fún àwọn agbẹ́rù kí wọ́n gbé e lọ sí Greenwich, kí wọ́n lè wò ó ṣe tuntun. Irin náà pẹ́ lójú ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan, ọlọ kò sì ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ yẹn, Hadley àti Baxendale, ló fi lélẹ̀ pé àdánù tó máa ń wá fúnra rẹ̀ láti inú irú ìjáfara bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò san, àti èyí tí àwọn méjèèjì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Olówó ọlọ kò rí èrè tó pàdánù gbà. Títí di òní, a ṣì ń lo ìlànà yìí ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ímeèlì wa rọrùn. Ìyá ìyàwó ti sọ ọjọ́ ìgbéyàwó nígbà tó ń rajà, nítorí náà má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Sọ ọjọ́ náà, kí o sì fi ṣètò iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà mìíràn kò bá sọ nǹkan kan nígbà tó ń rà á, tó wá ń sọ lónìí pé òun ti gba owó lọ́wọ́ ogójì èèyàn fún aṣọ ẹgbẹ́, má kọ pé “a mọ̀ bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ yín ti ṣe pàtàkì tó láti ìbẹ̀rẹ̀.” O ń fi ẹnu ara rẹ sọ pé ohun tí o kò mọ̀ nígbà àdéhùn, o mọ̀ ọ́n. “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa lónìí pé…” ni kí o kọ.

Wàyí o, ohun tí o máa ṣe. Níbí ni gbígba iṣẹ́ sọ́rùn wà gan-an, kí o sì fún un ní àyè tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà. Má ṣe ìlérí tuntun lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò tú ẹrù sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà sọ ohun tí ẹ́jẹ́ńtì sọ, kí o sì sọ pé òun ló sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ìgbà tí o máa pè é, ìgbà tí o máa dá owó padà, àti ọjọ́ tí o máa sọ pé ó tó. Àwọn yẹn ni kí o fi ọjọ́ àti aago sí, kí o má sì yẹ̀ wọ́n. Ilé ìtajà tó bá pẹ́ lórí ẹrù tó tún pẹ́ lórí ìpè tó ṣèlérí ti parí.

Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti Ìlú Ọba, ọdún 2015, ní abala 28, sọ pé bí oníbàárà bá ti jẹ́ kí oníṣòwò mọ̀ kí wọ́n tó ṣe àdéhùn pé ọjọ́ náà ṣe kókó, tí ọjọ́ sì kọjá, ó lè fòpin sí ọjà náà kó gba owó rẹ̀. Tí wọn kò bá dá ọjọ́ rárá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún oníṣòwò. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tó de àwọn tó ń ta ọjà láti ọ̀nà jíjìn ní kí o fún oníbàárà ní àǹfààní láti fagi lé ọjà kó sì gba owó bí o kò bá lè fi ránṣẹ́ lásìkò. Nítorí náà, fífi owó lọ̀ ọ́ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ohun tí òfin fún un tẹ́lẹ̀ ni, ó sì dára kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ lẹ́nu lọ́yà.

Owó tí o bá fi kún un ńkọ́? Nínú èdè wa, owó gbà-má-bínú àti owó ìtanràn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìtanràn ni ẹlẹ́bi ń san. Pè é ní gbà-má-bínú, má sì so ó mọ́ àdánù kankan. “A dá pọ́n-ùn 140 owó ìfiránṣẹ́ padà” dára. “A dá pọ́n-ùn 140 padà fún àdánù yín” ti ń ṣírò gbèsè. Má sì fi sábẹ́ pé bí ó bá gba owó náà, kò lè bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Gbólóhùn yẹn ń sọ ẹ̀bùn di pàkúté, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní dúró.

Lẹ́tà náà nìyí ní kíkún:

“Àkọlé: Gèlè àti fìlà yín: ó ti pẹ́, ibi tó wà àti ohun tí a ń ṣe

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà.

Ẹ má bínú pé gèlè 40 àti fìlà 25 tí ẹ rà kò dé ní àná, ọjọ́ 24, tí a sọ fún yín. A mọ̀ pé ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó, ọjọ́ yẹn ni a sì fi ń ṣètò gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹrù náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró ní ọjọ́ 22, wọ́n ń fẹ́ àlàyé kún èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì wa. Ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 23, a sì fi àlàyé tó kún ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní. Ẹ́jẹ́ńtì wa níbẹ̀ sọ pé òun ń retí kí wọ́n tú u sílẹ̀ láàrin òní sí ọjọ́ Ajé.

Iṣẹ́ wa ni láti rí i pé ó dé ọwọ́ yín. A óò pè yín lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín, yálà ìròyìn wà tàbí kò sí. Bí ẹrù kò bá tíì dé ọwọ́ yín ní aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ lè fagi lé e, a óò sì dá pọ́n-ùn 1,150 padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ fagi lé e lónìí, ẹ kàn fèsì sí ímeèlì yìí.

A ti dá pọ́n-ùn 140 owó ìfiránṣẹ́ padà sí káàdì yín gẹ́gẹ́ bí gbà-má-bínú. Èyí kò dín ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín kù rárá.

Ẹ ṣeun, Mà.”

Orúkọ ènìyàn kan àti nọ́ńbà tí ẹnì kan yóò gbé ni kó tẹ̀lé e. Lẹ́tà tí “Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà” fọwọ́ sí kò ní ẹni tó gbà á sọ́rùn. Kíyè sí i pé mo yan Ọjọ́rú, tí ó fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó dé, kí ìyá ìyàwó lè ráyè ra òmíràn ní Peckham. Bí o bá yan ọjọ́ Ẹtì, owó tí o máa dá padà kò ní wúlò fún un mọ́.

Mo ti rí i tí àwọn èèyàn máa ń kọ àkọlé àwọn lọ́yà, “Wìdáútì Pírẹ́júdíìsì,” sí orí irú lẹ́tà yìí. Àkọlé náà ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tó ń jà ń sọ láti parí ìjà wọn. Níbi tí kò tíì sí ìjà, kò bo nǹkan kan, ó sì ń sọ fún oníbàárà pé o ti ń múra kóòtù. Yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ inú ilé ṣe kókó bákan náà. “A tún ti ṣe é o, irú èyí kẹta lóṣù yìí,” tí ọ̀gá kọ sí òṣìṣẹ́ lórí Wátísáàpù, lè jáde nígbà tí ẹjọ́ bá dé, àwọn tó sì rí i kò ní rẹ́rìn-ín. Fi ẹnu sọ èyí tó bá jẹ́ ìbínú, kọ èyí tó bá jẹ́ iṣẹ́.

Kí o tó fi ímeèlì náà ránṣẹ́, wo ìwé adójútòfò rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní gbólóhùn pé o kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Bí o bá ní adójútòfò ẹrù lójú ọ̀nà, má retí púpọ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀lé yọ àdánù tí pípẹ́ nìkan fà kúrò. Bí ẹni tó gbé ẹrù bá sì ní ọwọ́ nínú pípẹ́ náà, àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 lórí ẹrù ọkọ̀ òfurufú fún yín ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí ẹrù bá dé ọwọ́ ẹni tó ni í, kí ẹ fi kọ ìfisùn yín sínú ìwé ránṣẹ́ sí i. Ímeèlì tó ti kọ “àwa nìkan la fà á” yóò jókòó sínú fáìlì wọn.

Ìgbà kan wà tí lẹ́tà yìí kò tó. Bí èsì oníbàárà bá ní iye owó àdánù nínú, tàbí orúkọ lọ́yà, tàbí bí àdéhùn rẹ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní owó tí o ń san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá pẹ́, dá ọwọ́ dúró. Fèsì lọ́jọ́ náà pé o ti rí i, sọ ọjọ́ tí o máa dáhùn, máa bá iṣẹ́ gbígbé ẹrù náà lọ bó ti wà, kí o sì gbé gbogbo ìwé tí o kó jọ lọ fún lọ́yà rẹ kí o tó kọ gbólóhùn mìíràn nípa owó.